Ẹ̀bà Ni àbí Ẹ̀pà? Bí A Ṣe Ń Wá Lẹ́tà Tí Oòrùn Bò Nínú Fọ́tò Pátákó Ṣọ́ọ̀bù

Bí oníbàárà bá gbé fọ́tò pátákó ṣọ́ọ̀bù wá, tó ní kí a yọ ọ̀rọ̀ kan kúrò lára rẹ̀ kí a fi òmíràn sípò rẹ̀, ohun tó máa ń yá ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ àwòrán lórí kọ̀ǹpútà lára ni ká kọ́kọ́ fi funfun pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ náà rẹ́. Bó bá wá ṣe pé oòrùn ti tàn sára pátákó náà débi pé lẹ́tà kan nínú ọ̀rọ̀ ọ̀hún kò hàn, a ó ní kí ló kàn wá níbẹ̀. Ṣebí yíyọ náà la fẹ́ yọ ọ́?

Ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká mú pátákó kan tí iṣẹ́ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ni, ìyá tó ni ín ti di olóògbé, ọmọ rẹ̀ obìnrin sì fẹ́ máa bá iṣẹ́ náà lọ. Ìkókoré ló fẹ́ kí wọ́n máa fi mọ òun, nítorí náà ó fẹ́ kí ILE ÌKÓKORÉ wà lórí pátákó tuntun, kí ó sì jáde kí Ojúde Ọba tó dé. Àmọ́ kò fẹ́ kí àwọn oníbàárà ìyá rẹ̀ ṣìnà, torí náà ó ní ká kọ orúkọ àtijọ́ ní kékeré sísàlẹ̀, kí a fi "tẹ́lẹ̀" sí i lẹ́yìn. Ìgbà tí a béèrè orúkọ àtijọ́ náà ni wàhálà dé. Òun fúnra rẹ̀ ní ILE ẸBA ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní irọ́ ni, ILE ẸPA ló wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ìyá àwọn ti ń ta ẹ̀pà sísè kó tó dórí oúnjẹ. Ará àdúgbò kan tún ní ẹ̀wà ni gbogbo ayé mọ ìyá náà mọ́. Pátákó fúnra rẹ̀ kò sí mọ́, atẹ́gùn òjò ló gbé e ṣubú, wọ́n sì ti tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Fọ́tò kan ṣoṣo ló kù, nínú fọ́tò náà sì rèé, ILE Ẹ, lẹ́yìn náà àpá ìmọ́lẹ̀ kan tó funfun báláú, lẹ́yìn rẹ̀ A. Ìlà kejì, tó kéré, hàn ketekete: OLUWA LO BA WA ṢE E.

Ẹ rí i pé ọgbọ́n orí nìkan kò lè parí ẹjọ́ yìí. Ẹja, ẹ̀wà, ẹ̀bà, ẹ̀pà, gbogbo wọn ni a lè rí ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ, ìlà kejì kò sì sọ ohun tí wọ́n ń tà. Àwọn akọ̀wé pátákó wa kì í sì í fi àmì ohùn sórí lẹ́tà ńlá, nítorí náà àmì kò lè ràn wá lọ́wọ́. Àfi ká yẹ inú fọ́tò náà wò.

Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ó yẹ ká mọ ohun tí àpá ìmọ́lẹ̀ yẹn jẹ́. Ọ̀dà tó ń dán ni wọ́n fi ń kọ pátákó irin. Bí oòrùn bá ta sí i, ìmọ́lẹ̀ méjì ló ń padà wá bá kámẹ́rà. Ọ̀kan wọ inú ọ̀dà, ó gba àwọ̀ ọ̀dà, ó wá jáde. Èyí ni ó ń jẹ́ ká rí pupa ní pupa àti funfun ní funfun. Ìkejì kò wọlé rárá, ojú ọ̀dà tó ń dán ló ta á padà bíi dígí, àwọ̀ oòrùn fúnra rẹ̀ ló sì gbé wá. Níbi tí àpá wà, ìmọ́lẹ̀ kejì yìí ló fi ara rẹ̀ lé ti àkọ́kọ́ lórí. Kò pa ti àkọ́kọ́ rẹ́. Ìyẹn ni pé lẹ́tà náà ṣì ń rán ìmọ́lẹ̀ tirẹ̀ wá lábẹ́ àpá náà, ohun tó kàn kù ni bóyá kámẹ́rà ní àyè tó kù láti gbà á.

Àyè yẹn ló ní òpin. Nínú fọ́tò JPEG tí fóònù ń yà, nọ́ńbà mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ àwọ̀ ojú kọ̀ọ̀kan, ìyẹn píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan fún pupa, ọ̀kan fún àwọ̀ ewé, ọ̀kan fún búlúù. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó sì parí sí 255. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ju èyí tí 255 lè gbà lọ, 255 náà ni kámẹ́rà yóò kọ, ìyókù á ṣòfò. Níbi tí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti jẹ́ 255 tìrẹ́ láìyàtọ̀, kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ mọ́, kò sí ètò kọ̀ǹpútà tó lè fà á jáde. Ṣùgbọ́n níbi tí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ṣì wà ní 244 tàbí 248, ojú wa á rí funfun, kọ̀ǹpútà kò ní rí funfun. Ibẹ̀ ni a ti ń ṣe iṣẹ́.

Pupa ni lẹ́tà pátákó wa, ilẹ̀ rẹ̀ sì funfun. Níbi tí àpá kò dé, lẹ́tà wà ní bíi 190 fún pupa, 40 fún àwọ̀ ewé, 45 fún búlúù. Ilẹ̀ funfun wà ní nǹkan bí 225 fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ wò ó bí a bá fi ìmọ́lẹ̀ 100 kún gbogbo rẹ̀. Pupa lẹ́tà á di 290, èyí tí kámẹ́rà yóò gé sí 255. Pupa ilẹ̀ á di 325, òun náà á di 255. Lójú àwọ̀ pupa, lẹ́tà àti ilẹ̀ ti di ọ̀kan náà. Ṣùgbọ́n àwọ̀ ewé ti lẹ́tà á kàn di 140, ti ilẹ̀ á jẹ́ 255, ìyàtọ̀ ńlá ṣì wà láàárín wọn. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé bí lẹ́tà bá pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù la máa ń wò, a kì í wo pupa rárá. Bí lẹ́tà bá jẹ́ búlúù lórí funfun, pupa la máa wò. Bó bá jẹ́ dúdú lórí funfun, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, a ó kàn yan èyí tí kò tíì kún.

Ohun tó kọ́kọ́ dí wa lọ́wọ́ ni fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ gan-an. Orí WhatsApp ni obìnrin náà ti fi í ránṣẹ́ bí àwọn èèyàn ṣe máa ń fi fọ́tò ránṣẹ́, WhatsApp sì máa ń dín irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ kù kó lè tètè lọ. Nígbà tí a wo inú àpá náà, igun mẹ́rin mẹ́rin kéékèèké la rí, bí ẹní tí wọ́n fi onírúurú pákó tẹ́. JPEG ló ń ṣe bẹ́ẹ̀: ó máa ń pín fọ́tò sí àpótí píksẹ́lì 8 sí 8, ìyàtọ̀ tín-ín-rín tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan ni ó sì kọ́kọ́ ń jù nù bó bá fẹ́ kí fáìlì kéré. Ìyàtọ̀ tín-ín-rín yẹn gan-an ni à ń wá. A ní kí ó padà lọ sínú fóònù tó fi yà á, kó fi fọ́tò náà ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, tí WhatsApp kì í dín kù. Fáìlì kejì yìí ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tó bá gba ẹ̀dà àkọ́kọ́ tó sì ní òun kò rí nǹkan kan kò purọ́, àmọ́ kò tíì wo fọ́tò náà.

GIMP la fi ṣe é, torí pé ọ̀fẹ́ ni, àwọn ètò mìíràn sì ní ohun tó jọ ọ́. A ṣí fọ́tò náà, a sì lọ sí `Colors > Components > Decompose`, a yan RGB níbẹ̀. Ó pín fọ́tò sí mẹ́ta, gbogbo wọn dúdú àti funfun, ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. A pa pupa tì. Lórí àwọ̀ ewé, a lọ sí `Colors > Levels`, a sì yí nọ́ńbà òsì tó wà lábẹ́ `Input Levels` láti 0 sí 235, a fi ti ọ̀tún sílẹ̀ ní 255. Ohun tí èyí ń ṣe rọrùn: gbogbo ohun tó wà lábẹ́ 235 di dúdú kirikiri, ogún ipele tó kù láàárín 235 sí 255 sì na tán láti dúdú dé funfun. Píksẹ́lì tó wà ní 244, tí ojú rí bíi funfun, á sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 115, àwọ̀ eérú tó hàn dáadáa. Gbogbo ìyókù pátákó á bàjẹ́ lójú ẹni, ẹ má bẹ̀rù, àpá nìkan là ń wò báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun kan níbí. Iṣẹ́ yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe kí ẹ tó na fọ́tò tàbí tọ́ ọ sí tààrà. Bí a bá ń tọ́ fọ́tò, kọ̀ǹpútà máa ń po píksẹ́lì méjì mẹ́ta pọ̀ láti rí tuntun, 244 àti 255 á di 250, ìyàtọ̀ tí à ń wá á sì tún kéré sí i.

Kí ló wá yọjú? Àárín àpá náà, tó bo òkè àti ìbàdí lẹ́tà, kò yí padà. Ó funfun, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Bí a ṣe fi `Color Picker` tẹ ibẹ̀, 255 ni ní àwọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ibẹ̀ ti lọ. Ṣùgbọ́n etí àpá, níbi tó ti ń tán lọ sísàlẹ̀, fi àwọ̀ eérú kan hàn. Ìlà kan tó dúró ṣánṣán wà lápá òsì, ó sọ̀ kalẹ̀ dé ẹsẹ̀ lẹ́tà. Láti ẹsẹ̀ rẹ̀, àwọ̀ eérú náà tún gba ilẹ̀ lọ sápá ọ̀tún.

Ó wù wá ká kígbe ẹ̀bà lójú ẹsẹ̀. A kò ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tó bá ti mọ ohun tó ń wá kì í pẹ́ rí i. Bí a bá na ogún ipele di odindi, a na eruku inú fọ́tò náà pọ̀ mọ́ ọn, àpótí 8 sí 8 ti JPEG sì lè tò ara wọn bí ẹsẹ̀ lẹ́tà. Ohun méjì la fi yẹ̀ ẹ́ wò. Àkọ́kọ́, apá òkè Ẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà wọ inú etí àpá, a sì mọ̀ dájú bí Ẹ ṣe rí. Bí ọ̀nà yìí bá yọ apá Ẹ síbi tó yẹ kó wà, kì í purọ́ fún wa nìyẹn. Ó yọ ọ́, nọ́ńbà rẹ̀ sì wà láàárín 244 sí 248 bíi ti lẹ́tà tó sọnù. A tún wo ilẹ̀ funfun lókè A, níbi tí kò yẹ kí lẹ́tà kankan wà lábẹ́ àpá. Ibẹ̀ wà ní 254 àti 255, kò sí ìlà kankan. Èkejì, a wo ibi tí etí àwọ̀ eérú náà ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó ti parí nínú fọ́tò tí a kò tíì tọ́. Bí etí méjèèjì bá bọ́ sórí nọ́ńbà tí 8 pín tán géérégé, kí ẹ fura sí i. Ti wa gba àárín àpótí kọjá ní dídàgẹ̀rẹ̀, nítorí wọ́n ya pátákó náà láti ẹ̀gbẹ́, ìlà ẹsẹ̀ gbogbo lẹ́tà sì dàgẹ̀rẹ̀ bákan náà. Àpótí JPEG kì í dàgẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí èyí tẹ́ wa lọ́rùn ni a tó tọ́ fọ́tò sí tààrà. Nínú GIMP, `Perspective` ni irinṣẹ́ tó ń ṣe é: a yan `Corrective` níbẹ̀, a gbé igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé igun pátákó, a sì jẹ́ kí ó na án di onígun mẹ́rin gidi. Láìṣe èyí, a kò lè wọn nǹkan kan, nítorí lẹ́tà tó jìnnà sí kámẹ́rà á tín-ín-rín ju èyí tó sún mọ́ ọn lọ.

Ìwọ̀n tí à ń sọ yìí gan-an ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ náà, torí pé kò nílò kí ènìyàn rí lẹ́tà rárá. Lẹ́yìn tí a tọ́ pátákó, gíga lẹ́tà ìlà òkè jẹ́ píksẹ́lì 120. Àlàfo tó wà láti etí ọ̀tún Ẹ dé ẹsẹ̀ òsì A jẹ́ 106. Lẹ́tà tó sọnù àti ààyè méjèèjì tó yí i ká ló pín 106 yìí. Lẹ́tà wo ló gbà á?

Akọ̀wé pátákó kan náà ló kọ ìlà kejì, ọwọ́ ẹni kì í sì í yí padà láàárín òkè àti ìsàlẹ̀ pátákó kan ṣoṣo. Gíga lẹ́tà ìlà kejì jẹ́ 48, nítorí náà bí a bá sọ ohunkóhun níbẹ̀ di ìlọ́po méjì ààbọ̀, a ó mọ bí yóò ṣe rí lókè. Nínú OLUWA, W wà láàárín U àti A, àlàfo láti U dé A sì jẹ́ 62. Ìlọ́po méjì ààbọ̀ rẹ̀ jẹ́ 155. Àlàfo wa kò ju 106 lọ. W kò lè wọ ibẹ̀, àfi bí akọ̀wé bá fún un pa, kò sì sí ìdí tí yóò fi ṣe bẹ́ẹ̀ nígbà tí àyè ṣì wà lápá ọ̀tún pátákó. Bí ẹ̀wà ṣe jáde nínú ẹjọ́ nìyẹn.

Nínú LO BA WA, B àti A tẹ̀ lé ara wọn gan-an bí wọn yóò ṣe tẹ̀ lé ara wọn nínú ẸBA. Láti etí òsì B dé ẹsẹ̀ òsì A jẹ́ 37, lókè á di 92 àti ààbọ̀. Ààyè tí akọ̀wé yìí máa ń fi sílẹ̀ láàárín lẹ́tà méjì lókè, bí a ṣe wọ̀n ọ́ láàárín I àti L nínú ILE, jẹ́ 13. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 105 àti ààbọ̀. Ó bọ́ sínú 106 bí ọwọ́ ṣe ń bọ́ sínú apò.

J ńkọ́? Kò sí J kankan lórí pátákó náà, nítorí náà a kò lè búra lórí rẹ̀. J ńlá tí kò ní fìlà máa ń gba nǹkan bí ìdajì gíga rẹ̀, ìyẹn 60. Bí a bá fi ààyè 13 sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, 86 ni. Ogún píksẹ́lì á ṣẹ́ kù, ogún sì ni ìnípọn ìlà lẹ́tà kan lókè pátákó náà. Ọwọ́ ènìyàn lè yẹ̀ ní píksẹ́lì mẹ́rin márùn-ún, kì í yẹ̀ tó odindi ìlà kan. Yàtọ̀ sí ìyẹn, J kò ní ìlà tó dúró lápá òsì, a sì ti rí ìlà tó dúró lápá òsì. Ẹja náà ti lọ.

Ẹ̀bà àti ẹ̀pà ló kù, ìyẹn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ìwọ̀n kò lè là wọ́n níjà, nítorí P fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó B. Òkè wọn bá ara wọn dọ́gba, ìlà òsì wọn bákan náà. Ìsàlẹ̀ nìkan ni ìyàtọ̀ wà: ẹsẹ̀ P jẹ́ ìlà kan tó dá dúró, ẹsẹ̀ B ní ìsàlẹ̀ tó gba ilẹ̀ lọ sí ọ̀tún kó tó rọ́ sókè. Ibi tí àpá kò bò tán gan-an nìyẹn. Bí lẹ́tà náà bá jẹ́ P, ó yẹ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ ní nǹkan bí 20, ìnípọn ìlà kan, kí ilẹ̀ funfun sì tẹ̀ lé e dé ìdí A. Ohun tí a rí nínú àwọ̀ ewé lọ tó nǹkan bí 65 láti etí òsì, lẹ́yìn náà ó tẹ̀ sókè wọ inú àpá, níbi tí a kò ti lè tẹ̀ lé e mọ́. A wo búlúù, ohun kan náà ló sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò hàn tó ti àwọ̀ ewé. B ni.

Àbí D ni? Ẹni tó bá ní ojú á béèrè, torí D náà ní ìlà òsì, ó sì ní ìsàlẹ̀ tó tẹ̀ sókè. Fọ́tò náà kò lè ya B àti D sọ́tọ̀. Ìbàdí lẹ́tà ni ìyàtọ̀ wọn wà, àárín àpá sì ni ìbàdí bọ́ sí. Ṣùgbọ́n ẸDA kì í ṣe oúnjẹ, kò sì sí ẹnì kan nínú ẹbí tó dárúkọ rẹ̀. Ohun tí a sọ fún oníbàárà nìyí: fọ́tò ti yọ W, J àti P kúrò, ẹ̀yin tí ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù náà lẹ yọ D. Ó dára ká pín in báyìí, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé kọ̀ǹpútà ló ka ohun tí kò kà.

Kí ni à bá ṣe ká ní ìsàlẹ̀ náà wà ní 255 gbogbo rẹ̀? À bá sọ pé B tàbí P, kí a sì dúró níbẹ̀. Mo ti rí àwọn tó ń lo `Heal` tàbí `Clone` láti "tún" irú ibẹ̀ ṣe. Irinṣẹ́ méjèèjì ń yá ọ̀dà láti ara ohun tó wà nítòsí ni. Bí Ẹ bá wà nítòsí, ìsàlẹ̀ Ẹ ni wọn yóò fi dí ibẹ̀, ẹ ó sì rí B tó dára tí kò sí lórí pátákó rí.

Bí fọ́tò bá ju ọ̀kan lọ, gbogbo òpò yìí lè má pọn dandan. Àpá ìmọ́lẹ̀ kì í dúró lójú kan, bí ayàwòrán bá yí ẹsẹ̀ díẹ̀, àpá á yí. Ẹ gbé fọ́tò méjèèjì sínú GIMP bí ìpele méjì lórí ara wọn, kí ẹ fi `Perspective` mú igun pátákó wọn bá ara wọn mu, kí ẹ wá yí `Mode` ìpele òkè sí `Darken only`. Níbi kọ̀ọ̀kan, èyí tó ṣókùnkùn jù nínú méjèèjì ni yóò hàn. Nítorí pé ńṣe ni àpá ń fi ìmọ́lẹ̀ kún, kì í dín in kù, èyí tó ṣókùnkùn jù ni èyí tó sún mọ́ òtítọ́ jù. Fídíò náà wúlò fún èyí, àní fídíò ayẹyẹ tí pátákó kàn yọ sẹ́yìn àwọn oníjó. Bí pátákó bá ṣì dúró síbi tó wà, ẹ padà lọ yà á láti ẹ̀gbẹ́ mìíràn. Bí ẹ bá ní gíláàsì ojú tó ń dín dídán omi kù, ẹ fi dígí rẹ̀ kan bo ojú kámẹ́rà fóònù, kí ẹ rọra máa yí i títí àpá á fi rẹlẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ lórí ọ̀dà àti gíláàsì, kò fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí irin tí kò ní ọ̀dà.

Ní báyìí, ìdí kejì tí a fi gbọ́dọ̀ wá lẹ́tà náà kí a tó pa ọ̀rọ̀ rẹ́ á hàn. Obìnrin náà fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tuntun jọ ọwọ́ akọ̀wé àtijọ́, torí ọwọ́ yẹn ni àwọn ènìyàn mọ̀. IKOKORE nílò I, O àti E, gbogbo wọn wà lórí pátákó. Ó tún nílò R àti K, kò sì sí èyíkéyìí nínú wọn níbẹ̀. R kò ju orí B lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ kan tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ní kété tí a ti mọ̀ pé B ni, a mú B inú LO BA, a gbé e sí ìlọ́po méjì ààbọ̀, a bá ìlà òsì àti ìsàlẹ̀ tó yọjú nínú àwọ̀ ewé wé e, ó bá a mu. A gé ikùn ìsàlẹ̀ rẹ̀, a fi ẹsẹ̀ A kan sí i, R dé. Ẹsẹ̀ W la fi ṣe apá K. Ká ní P la pè é, à bá máa wá ìdí tí B ìsàlẹ̀ kò fi bá ohun tó wà lókè mu.

Ìwọ̀n tún kìlọ̀ fún wa lórí ohun mìíràn. ẸBA gba nǹkan bí 270 lókè pátákó. IKOKORE, ní gíga 120 kan náà, gba nǹkan bí 600. Bí a bá fún un pa sínú àyè ẸBA, gíga rẹ̀ á sọ̀ kalẹ̀ sí nǹkan bí 54, á fẹ́rẹ̀ẹ́ kéré tó OLUWA LO BA WA ṢE E, ILE á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí àgbà tó ń mú ọmọdé lọ síléèwé. A dín ILE náà kù kí méjèèjì dọ́gba, a gbé IKOKORE gba àyè tó ṣófo lápá ọ̀tún, a sì kọ ILE ẸBA TẸLẸ sí abẹ́ rẹ̀ ní gíga 48, bíi ti ìlà kejì.

Àpá ìmọ́lẹ̀ ńkọ́? Nínú àwòrán tí a fẹ́ fún akọ̀wé pátákó, a yọ ọ́ kúrò pátápátá, òun kò nílò oòrùn. Ṣùgbọ́n oníbàárà tún fẹ́ fọ́tò kan tí yóò fi hàn lórí fóònù bí pátákó tuntun yóò ṣe rí lẹ́bàá ọ̀nà, nínú oòrùn ibẹ̀. Fún ìyẹn, a kò gbé lẹ́tà pupa lé orí àpá, torí lẹ́tà pupa tó ṣú dùdù láàárín funfun báláú ni ojú fi ń mọ iṣẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ fọ́tò. Abẹ́ àpá la gbé e sí. A fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ya funfun kan sí ìpele òkè, ní ibi tí àpá àtijọ́ wà àti bó ṣe tóbi sí, a sì yí `Mode` rẹ̀ sí `Screen`. Lẹ́tà O kan nínú IKOKORE ló wá bọ́ sábẹ́ rẹ̀ báyìí, a rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. A dín àpá náà kù títí tí O fi hàn, nítorí kò sí ẹni tó máa dúró lójú ọ̀nà láti fi GIMP wá a.